Góòlù Tó Ṣìnà Nínú Fọ́ọ̀mù

Bí ẹ bá ti bá wọn ṣètò ìdíje bọ́ọ̀lù àdúgbò rí, tàbí tí ẹ ní ọmọ tó ń gbá a, ẹ ó ti mọ̀ pé ìjà kì í sábà ṣẹlẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀lù ń lọ lọ́wọ́. Ìgbà tí eré bá parí, tí alága gbé bébà jáde, tó ní àwọn báyìí ló ń tẹ̀ síwájú, kí àwọn báyìí máa lọ sílé, ìgbà yẹn gan-an ni aṣọ ń ya. Irú bébà bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lónìí, àti ọmọbìnrin kan tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ níṣẹ́, tí wọn kò sì san kọ́bọ̀ fún, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé inú ìwé tirẹ̀ ni wọ́n ti rí òótọ́.

Ìbàdàn ló ti ṣẹlẹ̀, nínú oṣù kẹjọ, nígbà tí àwọn ọmọ wà ní ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ. N kò ní dárúkọ àdúgbò náà, n kò sì ní dárúkọ ẹnì kankan, nítorí ojú kan náà ni wọ́n ṣì jọ ń gbé. Pápá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni wọ́n lò. Ẹgbẹ́ mẹ́jọ ló forúkọ sílẹ̀, wọ́n pín wọn sí ìsọ̀rí méjì, mẹ́rin mẹ́rin. Ìlàjì eré kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹgbẹ́ méjì tó bá ṣe dáadáa jù nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ni yóò dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Ìsọ̀rí kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ wa kàn, àwọ̀ jẹ́sì wọn ni n ó sì fi máa pe àwọn mẹ́rin tó wà níbẹ̀: Pupa, Aláwọ̀ Ewé, Funfun àti Búlúù.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni ọmọbìnrin yìí. Ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ sítátísíìsì ní iléèwé gbogboǹṣe, ó sì wà nílé fún ìsinmi. Kò sí nínú ìgbìmọ̀ ìdíje, nítorí ìgbìmọ̀ ní akọ̀wé tiwọn. Ohun tó sọ fún alága lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò ju pé òun fẹ́ máa kọ bí eré ṣe ń lọ láti fi kọ́ṣẹ́. Alága ní kò burú, wọ́n fún un ní bẹ́ǹṣì kan lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà pápá. Ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle kan, bíró méjì àti aago ọwọ́ ni gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ kìíní tó parí, àwọn ọmọdé orí pápá ti sọ ọ́ ní Akọ̀wé, orúkọ náà sì ni èmi náà yóò máa fi pè é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń kọ ọ́, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ yìí wà. Ojú ìwé kan ni fún eré kan, gbogbo ojú ìwé ló sì ní nọ́ńbà. Lókè pátápátá, ó kọ ọjọ́, ẹgbẹ́ méjèèjì, àti aago tí rẹfirí fọn fèrè. Nísàlẹ̀, nǹkan ń tẹ̀lé ara wọn bí wọ́n ṣe ń ṣẹlẹ̀, ìlà kan fún ohun kan: ìṣẹ́jú wo ni, ẹgbẹ́ wo ni, nọ́ńbà jẹ́sì wo ni, kí ló sì ṣe. Bó bá jẹ́ góòlù ni, kì í kọ "góòlù" kó sì gbé bíró sílẹ̀. Á kọ iye tó dà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, 0-1, 1-1, 2-1, bẹ́ẹ̀ títí fèrè ìkẹyìn. Bó bá ṣì í kọ, ìlà kan ṣoṣo ló ń fà la ohun tó ṣì kọ, kí èèyàn ṣì lè kà á, á wá kọ èyí tó tọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kì í pa á rẹ́, kì í sì í ya ojú ìwé kankan.

Ààyè tó gbẹ̀yìn lórí ìlà kọ̀ọ̀kan ló jọ mí lójú jù. "Àárín" ló kọ sórí rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé bí góòlù bá ti wọlé, ẹgbẹ́ tí wọ́n gbá a wọlé wọn ló máa gbé bọ́ọ̀lù lọ sí àárín pápá láti tún eré bẹ̀rẹ̀. Òfin bọ́ọ̀lù ni. Akọ̀wé máa ń kọ ẹgbẹ́ tó gbé e lọ. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó ní láti ìdí igi máńgòrò, òun kì í fi gbogbo ìgbà rí bọ́ọ̀lù bó ṣe ń kọjá ìlà, nítorí èrò á ti sáré bo ẹ̀yìn òpó. Ṣùgbọ́n kò sí bí òun kò ṣe ní rí ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù sí àárín, torí iwájú òun gan-an ló ń kọjá. Nítorí náà, ohun tí ojú rẹ̀ tó ló kọ, kò kọ ohun tí èrò pariwo.

Ó di ọjọ́ tí eré ìsọ̀rí parí. Búlúù ti pàdánù lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ti jáde. Àwọn mẹ́ta tó kù ló wá lọ́ mọ́ra wọn. Pupa na Aláwọ̀ Ewé, 2-1. Aláwọ̀ Ewé na Funfun, 2-0. Funfun náà padà na Pupa, 2-1. Gbogbo wọn sì ti na Búlúù. Ẹgbẹ́ mẹ́ta, àmì mẹ́fà mẹ́fà, àyè méjì.

Títí di ọjọ́ náà, àmì nìkan ni ìgbìmọ̀ ń kọ sórí pátákó. Kò sẹ́ni tó ti ro góòlù pọ̀ rí, nítorí kò tíì kàn án. Ó wá kàn án wàyí. Alága bọ́ síwájú, ó ka bébà tí akọ̀wé ìgbìmọ̀ fún un. Pupa gbá 7 wọlé, 4 wọlé wọn, ìyàtọ̀ jẹ́ 3. Funfun gbá 6 wọlé, 3 wọlé wọn, ìyàtọ̀ jẹ́ 3. Aláwọ̀ Ewé gbá 4 wọlé, 2 wọlé wọn, ìyàtọ̀ jẹ́ 2. Pupa àti Funfun ló wọlé. Kí Aláwọ̀ Ewé má bínú.

Wọ́n bínú. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni pé ohun tí wọ́n ń torí ẹ̀ bínú kọ́ ló ṣe wọ́n. Pẹ́náritì ni wọ́n ń pariwo. Wọ́n ní ọjọ́ tí àwọn pàdé Pupa, rẹfirí rí ọmọ wọn tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù, ó sì gbójú sá. Alága ní ohun tí rẹfirí bá ti fọn fèrè lé lórí, tí eré sì ti parí lé e, kò sí ẹni tó lè tú u mọ́. Òótọ́ ló sọ. Ká ní ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dúró sí, Aláwọ̀ Ewé ì bá pariwo títí ilẹ̀ á fi ṣú, wọn ì bá sì lọ sílé.

Akọ̀wé ti ń ro tirẹ̀ lábẹ́ igi ní gbogbo àsìkò yìí. Iye Funfun bá ti alága mu. Ti Aláwọ̀ Ewé bá a mu. Ti Pupa kò bá a mu: ó rí 6 tó wọlé àti 5 tó wọlé wọn, èyí tó jẹ́ pé ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju 1 lọ. Ó tún un rò, ó tún jẹ́ 1. Ó rò ó láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kò yí padà.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa dìde níbẹ̀ yẹn, tó máa ní irọ́ ni alága ń pa. Akọ̀wé lọ bá alága, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n fi ìwé mi wé fọ́ọ̀mù yín, eré kan lẹ́yìn èkejì. Ó lè jẹ́ èmi ni mo ṣì í." Alága wò ó, ó wo èrò tó yí wọn ká, ó ní kí wọ́n kó fọ́ọ̀mù wá.

Àbí ẹ rí ohun tó ṣe. Kò fi àpapọ̀ bá àpapọ̀ jà. Bí ìwé méjì bá ti ta ko ara wọn ní ìparí, èèyàn lè máa jiyàn títí di ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n bó bá padà sẹ́yìn lọ wá ibi tí wọ́n ti yà fúnra wọn, ọ̀rọ̀ náà á kéré sí i. Eré mẹ́fà ló wà nínú ìsọ̀rí náà. Márùn-ún bára mu pátápátá. Ẹyọ kan ló kù, eré àkọ́kọ́ tí Pupa àti Búlúù gbá. Fọ́ọ̀mù ìgbìmọ̀ ní Pupa 4, Búlúù 1. Ìwé Akọ̀wé ní Pupa 3, Búlúù 2.

Akọ̀wé ìgbìmọ̀, ẹni tí kò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ rẹ̀, gba ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí òun ti yẹ ìṣirò òun wò kí òun tó gbé e fún alága. Gbogbo góòlù tí ẹgbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbá wọlé jẹ́ 18, gbogbo èyí tó wọlé wọn náà jẹ́ 18, nígbà tí òun sì kó ìyàtọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, odo ló kù. Ọ̀nà tó dára ni wọ́n fi ń yẹ irú tábìlì bẹ́ẹ̀ wò, nítorí góòlù tí ẹnì kan gbá wọlé, ilé ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ wọ̀. Bó bá jẹ́ pé wọ́n gbàgbé góòlù kan ní apá kan tábìlì, ìyẹ̀wò yìí á mú un. Ṣùgbọ́n góòlù kankan kò sọnù níbí, ṣe ni ọ̀kan kúrò lápò ẹgbẹ́ kan bọ́ sí àpò èkejì. Bí ẹ bá kọ eré náà ní 4-1, góòlù márùn-ún ni. Bí ẹ bá kọ ọ́ ní 3-2, góòlù márùn-ún náà ni. Tábìlì tirẹ̀ jẹ́ 18, tábìlì Akọ̀wé náà jẹ́ 18, ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì sì jẹ́ odo. Àṣìṣe tó jọ òótọ́ tó báyẹn, àpapọ̀ kò lè tú u fó. Àfi kéèyàn mọ bí góòlù ṣe tẹ̀lé ara wọn.

Akọ̀wé wá ṣí ojú ìwé eré náà. Ìlà márùn-ún ló ní góòlù nínú. Ìṣẹ́jú kẹfà, Búlúù nọ́ńbà 10, 0-1, àárín: Pupa. Ìṣẹ́jú kọkàndínlógún, Pupa nọ́ńbà 9, 1-1, àárín: Búlúù. Ìṣẹ́jú kẹtàlélọ́gbọ̀n, Pupa nọ́ńbà 9 kan náà, 2-1, àárín: Búlúù. Ìṣẹ́jú kọkànlélógójì, Pupa nọ́ńbà 11, 3-1, àárín: Búlúù. Ìlà karùn-ún wá rèé: ìṣẹ́jú kejìléláàádọ́ta, Pupa nọ́ńbà 4, sílé ara rẹ̀, láti kọ́nà, 3-2, àárín: Pupa.

Wọ́n mú káàdì kékeré tí rẹfirí kọ nǹkan sí lọ́jọ́ náà jáde. Ohun tó wà níbẹ̀ fún góòlù karùn-ún ni "P 4, 52". Òótọ́ ni rẹfirí kọ: nọ́ńbà 4 Pupa ló gbá a wọlé. Kò kàn kọ ilé ẹni tó gbá a sí ni. Eré mẹ́ta ló darí lọ́jọ́ náà, òjò sì lé wọn kúrò lórí pápá lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn. Ó na káàdì sí akọ̀wé ìgbìmọ̀, ó sá lọ. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ délé, ó ń da káàdì kọ sórí fọ́ọ̀mù. Fọ́ọ̀mù náà ní àyè méjì, "àwọn tó gbá a wọlé fún ẹgbẹ́ kìíní" àti "àwọn tó gbá a wọlé fún ẹgbẹ́ kejì". Ó rí Pupa 9, Pupa 9, Pupa 11, Pupa 4, ó kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sábẹ́ Pupa. Ó kà wọ́n, ó rí mẹ́rin sí ọ̀kan. Ta ni kò ní kà á bẹ́ẹ̀? Pupa ló kúkú borí, àmì mẹ́ta ni wọ́n gbà, iye yòówù kí góòlù jẹ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tó kíyè sí i fún odidi ọ̀sẹ̀ méjì.

Kí ẹ má rò pé àwọn rẹfirí àdúgbò nìkan ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí o. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 2006, ní ìdíje Ife Àgbáyé ní ilẹ̀ Jámánì, Kroéṣíà àti Ọsirélíà pàdé ní ìlú Sítúgáàtì. Graham Poll, rẹfirí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà lára àwọn tí wọ́n fọkàn tán jù, ló fọn fèrè níbẹ̀. Káàdì yẹ́lò mẹ́ta ló fún Josip Šimunić ti Kroéṣíà kó tó lé e jáde. Ẹ̀ẹ̀kejì ló yẹ kó lọ. Nọ́ńbà 3 ni Šimunić wọ̀. Nígbà tí Poll ń kọ káàdì kejì, ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà 3 Ọsirélíà ló kọ ọ́ sí. Nọ́ńbà tọ́, ẹgbẹ́ ni kò tọ́. Ojú gbogbo ayé wà lára pápá náà o, ó sì ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ìbàdàn. Nígbà tí Akọ̀wé ka ìlà karùn-ún tán, kóòṣì Pupa fárígá. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé kì í ṣe òpópónà àwọn Aláwọ̀ Ewé nilé yín wà? Ta ni kò mọ̀ pé o lè lọ kọ ohun tó wù ọ́ sínú ìwé lálẹ́ àná?" Ọ̀rọ̀ náà dun ọmọ náà, ṣùgbọ́n ní tèmi, ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bi í ni. Ìwé tí ẹnì kan ṣoṣo kọ, tí kò sí ẹlòmíràn tó fọwọ́ sí i, kò yẹ kó borí fọ́ọ̀mù ìgbìmọ̀ kìkì nítorí pé ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára. Òótọ́ inú ọmọ náà kọ́ ni wọ́n máa fi dájọ́. Ohun tó kọ ni wọ́n gbọ́dọ̀ wò, bóyá nǹkan mìíràn tí kò ti ọwọ́ rẹ̀ wá bá a mu.

Alága gbọ́n níbí. Kò bi ẹnikẹ́ni pé mélòó lẹ gbá ara yín, nítorí ẹni tó bá fẹ́ wọlé mọ iye tó yẹ kó pè. Ó pe balógun ẹgbẹ́ Búlúù sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọmọ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti jáde, tí kò ní èrè nínú èyíkéyìí. Ó bi í pé, "Lọ́jọ́ tí ẹ gbá ti Pupa, lẹ́yìn góòlù tó kẹ́yìn, ta ló gbé bọ́ọ̀lù sí àárín?" Ọmọ náà kò ronú rárá. Ó ní, "Àwọn ni, sà. Wọ́n sì ń fà á bí ìgbín, torí ẹyọ kan ló kù ká bá wọn." Alága pe rẹfirí sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó bi í ní ìbéèrè kan náà, rẹfirí náà ní Pupa ni.

Akọ̀wé ní ẹ̀rí kan sí i, èyí ló sì pa ẹnu gbogbo wọn mọ́. Lábẹ́ góòlù karùn-ún, ó kọ ọ́ pé ní ìṣẹ́jú kẹtàdínlọ́gọ́ta, rẹfirí fún aṣọ́lé Pupa ní káàdì yẹ́lò nítorí pé ó di bọ́ọ̀lù mọ́wọ́, kò gbá a. Wọ́n ṣí fọ́ọ̀mù ìgbìmọ̀ wò. Káàdì náà wà níbẹ̀: Pupa, nọ́ńbà 1, ìṣẹ́jú 57, fífi àkókò ṣòfò. Fọ́ọ̀mù tí kóòṣì Pupa fúnra rẹ̀ ń gbèjà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi rò ó: ẹgbẹ́ tó ti na ẹni kejì 4-1, tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kí eré parí, kí ló ń fi àkókò ṣòfò sí? Ẹni tí 3-2 ń dẹ́rù bà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣètò ìdíje àdúgbò kì í kọ ìṣẹ́jú káàdì sílẹ̀, àwọn mìíràn kì í kọ káàdì gan-an. Bẹ́ẹ̀, káàdì lè pinnu ẹni tó máa tẹ̀ síwájú. Ẹ rántí ohun tó ṣe Sẹ̀nẹ̀gàl ní ìdíje Ife Àgbáyé ní Rọ́ṣíà lọ́dún 2018. Àwọn àti Jàpáàn ní àmì kan náà, ìyàtọ̀ góòlù kan náà, iye góòlù kan náà, ọ̀mì 2-2 sì ni wọ́n ta fúnra wọn. Káàdì yẹ́lò ló yà wọ́n: Jàpáàn gba mẹ́rin, Sẹ̀nẹ̀gàl gba mẹ́fà, Sẹ̀nẹ̀gàl sì wálé.

Lórí pápá tiwa, alága yíjú sí nọ́ńbà 4 Pupa, ọmọ gíga kan tó ti ń wo ilẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń ka ìlà karùn-ún. Ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ náà sọ tìẹ." Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Orúnkún mi ló kàn án, sà. Mo fẹ́ gbá a síta ni."

Ẹ ó rò pé ó parí. Kò parí. Nígbà tí kóòṣì Pupa rí i pé iye góòlù kò gbè é mọ́, ó yí ẹjọ́ padà. Ó ní ìyàtọ̀ góòlù kọ́ ló yẹ kí wọ́n lò rárá, pé eré tí àwọn mẹ́ta tó dọ́gba gbá láàárín ara wọn ló yẹ kí wọ́n wò, kí wọ́n yọ Búlúù kúrò, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é ní ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà. Ohun tó sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òpè. Bí ẹ bá yọ góòlù Búlúù kúrò, Aláwọ̀ Ewé gbá 3, 2 wọlé wọn. Pupa gbá 3, 3 wọlé wọn. Funfun gbá 2, 3 wọlé wọn. Aláwọ̀ Ewé àti Pupa á wọlé, Funfun á jáde. Àwọn Funfun, tí wọ́n ti jókòó sórí kòríko láti àárọ̀, tí wọ́n ń jẹ ẹ̀pà, tí wọ́n ń wo ìjà oníjà, gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà.

Òótọ́ ni pé òfin méjèèjì wà láyé, òótọ́ sì ni pé wọ́n lè yan èèyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Gúúsù Áfíríkà ló jẹ ìyà rẹ̀ jù. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2011, wọ́n ń wá ọ̀nà láti lọ sí ìdíje Ife Áfíríkà ti ọdún 2012. Wọ́n ta ọ̀mì 0-0 pẹ̀lú Sàró nílé, wọ́n sì rò pé ó ti tó, nítorí ìyàtọ̀ góòlù tiwọn ló dára jù. Wọ́n jó yí pápá ká. Àwọn, Nìjẹ̀r àti Sàró jọ ní àmì mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n ìwé òfin àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà ní eré àárín àwọn tó dọ́gba ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Wọ́n yọ Íjíbítì tó gbẹ̀yìn kúrò: Nìjẹ̀r ní àmì 6, Gúúsù Áfíríkà 5, Sàró 5. Nìjẹ̀r ló lọ. Àwọn tó ti jó wá padà di ẹni tó ń kọ ìwé ẹ̀bẹ̀.

Èyí tó dára jù nínú òfin méjèèjì kọ́ ni ìbéèrè tó wà nílẹ̀ lórí pápá náà. Èyí tí wọ́n fọwọ́ sí kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ni. Alága ní kí wọ́n mú ìwé òfin wá, ni wọ́n bá ń wá a. Ẹ̀dà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó ti rẹ sínú òjò, ẹ̀dà akọ̀wé ìgbìmọ̀ sì wà nílé. Akọ̀wé ṣí ojú ìwé kìíní nínú ìwé rẹ̀. Ó ti da gbogbo òfin náà kọ síbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ fún ọ̀rọ̀: bí àmì bá dọ́gba, ìyàtọ̀ góòlù nínú gbogbo eré, bí ìyẹn bá dọ́gba, iye góòlù tí wọ́n gbá wọlé, bí ìyẹn náà bá dọ́gba, eré tí wọ́n gbá fúnra wọn, lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n ṣẹ́ kèké. Kóòṣì Pupa ní òun kò gba ìwé ọmọ náà gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Alága rán ọmọ kan lórí ọ̀kadà lọ sílé akọ̀wé ìgbìmọ̀, ó mú ojúlówó wá nínú fáìlì, pẹ̀lú ìbuwọ́lù kóòṣì mẹ́jọ lábẹ́ rẹ̀. Ti kóòṣì Pupa ló wà lókè pátápátá. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò fi ẹyọ kan yàtọ̀ sí ti Akọ̀wé.

Funfun wọlé pẹ̀lú ìyàtọ̀ 3, Aláwọ̀ Ewé wọlé pẹ̀lú ìyàtọ̀ 2, Pupa lọ sílé pẹ̀lú ìyàtọ̀ 1. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí alága kéde rẹ̀. Nípa pẹ́náritì tí Aláwọ̀ Ewé ń pariwo lé lórí, kò sí ohun tí ìwé Akọ̀wé lè ṣe sí i. Wọ́n bi í léèrè, ó ní ohun tó wà lójú ìwé òun fún ìṣẹ́jú náà ni "wọ́n pariwo ọwọ́, rẹfirí ní kí eré máa lọ". Ó ní òun kò rí ọwọ́. N kò mọ ẹlòmíràn tó lè jókòó lórí pápá bọ́ọ̀lù Ìbàdàn, kó sì lè sọ bẹ́ẹ̀ lójú àwọn ará òpópónà tirẹ̀.

Ní ti Aláwọ̀ Ewé, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀, 1-0 ni wọ́n nà wọ́n ní ìpele tó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò ìdíje lọ́dún yìí, ní àdúgbò, ní mọ́ṣáláṣí, ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo bẹ̀ yín, ẹ tún fọ́ọ̀mù yín ṣe kí ẹ tó fọn fèrè àkọ́kọ́. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú góòlù kọ̀ọ̀kan, iye tó dà lẹ́yìn rẹ̀, àti ẹgbẹ́ tó gbé bọ́ọ̀lù sí àárín. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún góòlù sílé ara ẹni lọ́tọ̀. Kí rẹfirí ka fọ́ọ̀mù náà sókè lórí pápá, kí balógun ẹgbẹ́ méjèèjì sì fọwọ́ sí i kí wọ́n tó bọ́ jẹ́sì, bí òjò tilẹ̀ ń bọ̀. Bí ẹ bá sì rí ọmọ kan tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá tó ń kọ nǹkan sínú ìwé, ẹ fún un ní bẹ́ǹṣì.